Ìtàn tí mò ń kọ ní apá-apá: ìwé ẹ̀dá-ìtàn mi kéré ni, àbí ó pọ̀ jù?

Ọmọ Gbági:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òǹkọ̀wé. Mò ń kọ ìtàn àròsọ kan fún àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ Wasáàpù mi, orí kan ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá ló ń bá mi kọ ọ́ ní gbàrọgùdù, èmi ni mo máa ń jókòó tún un kọ. Ẹ̀rọ yìí kì í rántí ìjókòó àná rárá, nítorí náà mo ní ìwé kan tí mo máa ń lẹ̀ sókè kí a tó bẹ̀rẹ̀: orúkọ àwọn ẹ̀dá-ìtàn, ìwà wọn, ìrísí wọn, àti bí ìtàn yóò ṣe lọ títí dé òpin. Ó ti di ojú-ewé 11. Orí 23 ni mo wà. Lálẹ́ àná, ìyàwó Alàní ṣàdédé dìde láàárín ọjà, ó ní kí Mojí lọ wádìí, pé Alàní kọ́ ló bí i. Orí 31 ni àṣírí yẹn yẹ kó tú! Kí ni kí n fi kún ìwé yìí? Àbí kí n gé e ni?

---

Tìmọ́tì Kọ̀ǹpútà:

Ó kéré ni, àǹtí. Àwọn ẹ̀rọ tó wà lóde báyìí, àyè inú wọn gba odindi ìwé. Èmi kì í fún un ní ìwé ẹ̀dá-ìtàn nìkan, gbogbo orí tí mo ti kọ sẹ́yìn ni mo máa ń dà sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ka ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ní ṣi Táíwò mú fún Kẹ́hìndé. Ìwé ojú-ewé 11 kò tó nǹkan kan. Ẹ kó gbogbo orí 22 tó ti jáde mọ́ ọn.

---

Ìlẹ̀kùn Kò Tì:

Tàbí kí ẹ kọ ọ́ fúnra yín. Èyí náà ṣeé ṣe.

---

Bàbá Kọ́mà:

Tìmọ́tì jàre lórí ọ̀rọ̀ àyè. Kì í ṣe àyè ló fa wàhálà yìí ṣá o. Ẹ wò ó dáadáa: ẹ̀rọ yẹn kò gbàgbé ohunkóhun. Ó rántí ju bó ti yẹ lọ ni. Àṣírí Alàní wà nínú ìwé tí ẹ gbé síwájú rẹ̀, ó sì rí i pé ohun tó dùn jù nínú ojú-ewé 11 nìyẹn, ló bá lò ó.

Èmi àti ẹ̀yin lè mọ nǹkan kí a fi ẹnu mọ́ ọn títí oṣù mẹ́ta. Ẹ̀rọ kò ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, ohunkóhun tí ẹ bá kọ sínú ìwé, ẹ fẹ́ rí i nínú orí tí ẹ ní kó kọ lónìí ni. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú ìrísí. Ó dá mi lójú pé ẹni kan wà nínú ìtàn yín tó ní àpá ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí àpá yẹn sì ń yọjú ní gbogbo orí bí ẹni ń kí ènìyàn.

Ẹ ka ìlà tí ẹ kọ nípa Mojí fún wa. Mo fẹ́ mọ bí ẹ ṣe kọ ọ́ gan-an.

---

Ọmọ Gbági:

Hàà! Bàbá Kọ́mà, ta ló sọ fún yín? Alàní ló ní àpá. Àwọn tó ń kà á ti ń pè é ní "Bàbá Àpá" nínú ẹgbẹ́.

Ìlà Mojí nìyí: "Mojí, ọmọ ọdún 26, ó ń ta àǹkárá ní Gbági, ó gbọ́n, ó lágídí, ó sì láàánú. Alàní kọ́ ni bàbá rẹ̀, Jìmọ́ọ̀ onímọ́tò ni." Nínú ìtàn, Ìyá Alájé nìkan ló mọ̀ ọ́n; òun, Mojí àti Ràmátù ló máa wà nínú orí 24.

Ìlẹ̀kùn Kò Tì, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe láti aago mẹ́jọ, mo sì ní ọmọ mẹ́ta. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ nìkan ni mo ní. Ẹ jọ̀wọ́.

---

Bàbá Kọ́mà:

Ẹ wo ìlà kejì yẹn. "Alàní kọ́ ni bàbá rẹ̀." Òótọ́ ni nínú ìtàn, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ ọ́n? Ìwé yín kò sọ. Bí ìwé kò bá sọ ẹni tó mọ nǹkan, ẹ̀rọ á gbà pé gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n, ẹnikẹ́ni tó bá sì la ẹnu ní orí yẹn lè sọ ọ́. Ìyàwó Alàní kò ṣẹ̀.

Èmi kì í kọ ohun tó jẹ́ òótọ́ sínú ìwé ẹ̀dá-ìtàn. Ohun tí ẹ̀dá-ìtàn gbà gbọ́ ni mo máa ń kọ. "Mojí gbà pé Alàní ni bàbá òun." Ó parí. Orúkọ Jìmọ́ọ̀ kò gbọdọ̀ sí nínú ohun tí ẹ lẹ̀ fún ẹ̀rọ títí ẹ ó fi dé orí 31. Inú ìwé kejì ni kó wà, èyí tí ẹ̀yin nìkan ń rí.

Ẹ ó ní, ẹni tó mọ àṣírí náà nínú ìtàn ńkọ́, bó bá wà níbẹ̀? Mo rí i pé Ìyá Alájé ló mọ̀ ọ́n, àbí? Ẹ má kọ pé ó mọ̀. Ìṣe rẹ̀ ni kí ẹ kọ: "Bí wọ́n bá dárúkọ Alàní, Ìyá Alájé á yí ọ̀rọ̀ padà." Ẹ̀rọ á kọ bó ṣe yí i padà, kò sì ní mọ ìdí. Ohun tí kò mọ̀, kò lè tú u.

Kí ẹ sì yọ "ó gbọ́n, ó lágídí, ó láàánú" kúrò. Àwọn ọ̀rọ̀ yẹn kò kọ́ ẹ̀rọ ní nǹkan kan, gbogbo obìnrin inú ìtàn ló gbọ́n tó sì lágídí. Ẹ fi gbólóhùn méjì tí Mojí ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ rí rọ́pò wọn, nínú orí tí ẹ̀yin fúnra yín fẹ́ràn jù. Ẹ̀rọ máa ń mú ohùn láti inú àpẹẹrẹ ju bó ṣe ń mú un láti inú àpèjúwe lọ.

---

Agbálẹ̀ Ṣakí:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ìṣòro yìí kan àwa náà gan-an. Àwa mẹ́rin la jọ ń kọ tiwa, a máa ń pàdé ní ọjọ́ Sátidé, akọ̀wé wa á sì pín ìwé àwọn ẹ̀dá-ìtàn fún olúkúlùkù kó tó bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kà á tán. Kálukú á wá ibi tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀dá-ìtàn tirẹ̀ sí, á sì ká ìyókù sábẹ́ ife tíì.

Èyí ló fà á tí mo fi pa ọdẹ kan ní orí kẹsàn-án, tí ẹnì kejì sì fi ìyàwó fún un ní orí kẹwàá. Wọ́n ti ṣe ìdána tán kí a tó mọ̀. Láti ọjọ́ náà, ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé wa ni ti òkú: ẹni tó kú, orí tó kú sí, ẹni tó rí òkú rẹ̀. A kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá. Ẹ sọ fún ẹni tó ń bá yín kọ pé kó máa ka ìwé náà jáde kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

---

Tìmọ́tì Kọ̀ǹpútà:

Bàbá, kì í ṣe ènìyàn ló ń bá wọn kọ. Ẹ̀rọ ni.

---

Agbálẹ̀ Ṣakí:

Ẹ̀rọ ni àbí ènìyàn ni, òkú kò gbọdọ̀ jẹ iyán ìdána.

---

Ìyá Ìbejì:

Mo rẹ́rìn-ín títí. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ìtàn agbolé ni mò ń kọ, ní Ọ̀yọ́. Ìyàwó tuntun kan wà níbẹ̀, Àṣàkẹ́, orí kejì ló wọlé. Ní orí keje, ẹ̀rọ ní kó na ọwọ́ sí àbúrò ọkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá, kó sọ pé "Láyí, wá gbé omi yìí." Mi ò kíyè sí i, mo gbé e jáde. Àwọn ìyá tó ń kà á fẹ́rẹ̀ẹ́ wá bá mi nílé. Ìyàwó ilé wo ló ń dárúkọ ọmọ tó bá nílé? Ọmọ yẹn ti wà níbẹ̀ kí Àṣàkẹ́ tó dé, ọkọ rẹ̀ ni. "Akọ̀wé" ló yẹ kó pè é, kí ó sì máa pe àbúrò rẹ̀ obìnrin ní "Ìdílẹ̀kẹ̀".

Mo ti kọ orúkọ, ọjọ́ orí, àwọ̀ àti iṣẹ́ gbogbo wọn sínú ìwé. Mi ò kọ bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn. Nínú ìtàn Yorùbá, ìyẹn gan-an ni ìwé ẹ̀dá-ìtàn. Ta ló ń sọ "ẹ" sí ta, ta ló ń sọ "o" sí ta, orúkọ wo ni ìyàwó fi ń pe ọmọ ilé, ta ni wọ́n ń fi orúkọ ọmọ pè. Bí ẹ bá fi ọjọ́ orí nìkan sílẹ̀ fún ẹ̀rọ, á ṣe ìṣirò: ọdún mẹ́wàá kéré sí ọdún 22, nítorí náà kí àgbà pe ọmọdé lórúkọ. Ìṣirò rẹ̀ pé, ilé ló fọ́.

Èkejì: oyún. Ìyàwó kan lóyún ní orí kẹfà. Ní orí 19, oyún ṣì wà níbẹ̀, ọyẹ́ ti fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárín wọn. Mo ní kí n kà á, oṣù 14. "Ó lóyún" ni mo kọ sínú ìwé, mi ò kọ ìgbà tó lóyún, bẹ́ẹ̀ ni mi ò kọ oṣù tí a wà nínú ìtàn. Kò sí ohun tó lè mú kó bí.

---

Ọmọ Gbági:

Oṣù 14! Ìyá Ìbejì, ẹ pa mí.

---

Tìmọ́tì Kọ̀ǹpútà:

Ó dáa, mo ti gbà pé àṣírí kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Mo ní ìbéèrè kan fún Bàbá Kọ́mà. Bí ẹ̀rọ kò bá mọ ibi tí ìtàn ń lọ, báwo ni yóò ṣe fi irúgbìn rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú? Ìtàn tí àṣírí rẹ̀ kàn já lu olùkà ní orí 31 láìsí àmì kankan tẹ́lẹ̀, ìyẹn kò dùn. Nítorí èyí ni mo ṣe máa ń fún un ní gbogbo ìlà ìtàn.

Mo tún fẹ́ fi nǹkan kan kún un: ẹ kọ ìwé yín ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rọ máa ń gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ kó tó kà á. Àwọn lẹ́tà wa tó ní àmì lórí àti ìsàlẹ̀ máa ń fọ́ sí ègé púpọ̀, nítorí náà ojú-ewé kan ní Yorùbá ń gba àyè ju ojú-ewé kan ní Gẹ̀ẹ́sì lọ dáadáa. Ẹni tó ń lo èyí tí wọn kò sanwó fún, kíá ni àyè rẹ̀ á kún.

---

Bàbá Kọ́mà:

Ìbéèrè irúgbìn yẹn dára, òun ni mo ti ń retí.

Charles Dickens, ará Ìlú Ọba, kọ ọ̀pọ̀ ìtàn rẹ̀ ní apá-apá, apá kan lóṣù kan. Nígbà tó di 1846, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìwé kan fún apá kọ̀ọ̀kan tó fẹ́ kọ. Ó máa ń pín in sí méjì. Ọwọ́ ọ̀tún ni ètò àwọn orí tó wà nínú apá yẹn. Ọwọ́ òsì ni ó ti ń bi ara rẹ̀ léèrè: ṣé kí lágbájá yọjú lóṣù yìí? Á tún padà wá dá ara rẹ̀ lóhùn níbẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni, rárá, kò tíì yá. Àwọn ìwé náà ṣì wà títí di òní.

"Kò tíì yá" yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Gbogbo ìtàn wà lórí Dickens. Ohun tó gbé síwájú ara rẹ̀ lórí tábìlì ni ti apá tó fẹ́ kọ lóṣù náà. Ọwọ́ òsì jẹ́ tirẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún jẹ́ ti iṣẹ́. Ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ rí ọwọ́ òsì yín.

Báwo wá ni irúgbìn ṣe ń wọlé? Ẹ̀yin lẹ ó fi sí i, gẹ́gẹ́ bí ohun lásán. Bí Mojí bá máa fi kọ́kọ́rọ́ kan ṣí àpótí Jìmọ́ọ̀ ní orí 31, ẹ kọ sínú ìwé orí 24 pé "kọ́kọ́rọ́ kan wà nínú àpò Mojí, kò tíì lò ó." Ẹ má sọ ìdí. Ẹ̀rọ á kọ kọ́kọ́rọ́ bó ṣe ń kọ ìyókù ẹrù inú àpò, olùkà á sì fojú fò ó. Bí ẹ bá sọ ìdí fún un, á jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ máa tàn yanran, á ní ọkàn Mojí ń lù kìkì nígbà tó fọwọ́ kàn án.

Ìwé orí kan ṣoṣo lèmi á lẹ̀, báyìí:

```
ORÍ 24
Ìgbà: Ọjọ́bọ̀, oṣù kẹjọ, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn orí 23
Ibi: ìsọ̀ Mojí ní Gbági, òjò ń rọ̀
Ẹni tó wà níbẹ̀: Mojí, Ìyá Alájé, Ràmátù
Mojí ń pe Ìyá Alájé ní "Ìyá", "ẹ" ló ń lò
Ràmátù ń pe Mojí ní "Àǹtí", "ẹ" ló ń lò
Mojí ń pe Ràmátù lórúkọ, "o" ló ń lò
Mojí gbà pé Alàní ni bàbá òun
Bí wọ́n bá dárúkọ Alàní, Ìyá Alájé á yí ọ̀rọ̀ padà
Kọ́kọ́rọ́ kan wà nínú àpò Mojí, kò tíì lò ó
Orí parí nígbà tí òjò dá
```

Lábẹ́ rẹ̀, gbólóhùn méjì méjì fún ohùn ẹni kọ̀ọ̀kan tó wà níbẹ̀, àwọn mẹ́ta yẹn nìkan. Alàní kò sí ní ìsọ̀, kí ni àpá rẹ̀ ń wá nínú ìwé? Ní ìparí pátápátá, ẹ lẹ ìpínrọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tó kẹ́yìn nínú orí 23, bí ẹ ṣe tún un kọ, kì í ṣe bí ẹ̀rọ ṣe kọ ọ́. Ohun tó bá súnmọ́ ibi tí ẹ ti ní kó bẹ̀rẹ̀ ló máa ń fara wé jù. Nǹkan tó bá há sí àárín ìwé gígùn ló sì máa ń fojú fò jù, Tìmọ́tì, àyè ì báà gba odindi ìwé.

---

Ìyá Ìbejì:

Tìmọ́tì, mi ò gbà ti Gẹ̀ẹ́sì yẹn o. Mo ti gbìyànjú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò mọ ẹ̀gbọ́n yàtọ̀ sí àbúrò, kò mọ "ẹ" yàtọ̀ sí "o". Mo kọ ọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì pé ẹni kan jẹ́ ọmọ ìyá Àṣàkẹ́ lọ́kùnrin. Ní orí kan ó di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń kúnlẹ̀ kí, ní orí tó tẹ̀ lé e ó di àbúrò tó ń rán níṣẹ́. Àyè tí mo rí pamọ́, mo fi kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí àwọn olùkà.

---

Tìmọ́tì Kọ̀ǹpútà:

Ẹ má bínú, mà. Mo ṣì rò pé ìgbà, ibi àti ẹni tó kú lè wà ní Gẹ̀ẹ́sì. Kí ìpè àti ohùn wà ní Yorùbá.

---

Bàbá Kọ́mà:

Bí ìwé bá jẹ́ ojú-ewé kan, kí la fẹ́ fi àyè ṣe? Èmi ń kọ gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá. Mo mọ àwọn tó ń pín in bí Tìmọ́tì ṣe sọ, tó sì ń bá wọn lọ.

Ọ̀fìn kan wà nínú Yorùbá náà ṣá o. "Ó". Mo ní ìlà kan nínú ìwé mi rí: "Ó ti sọ fún un pé ó mọ ibi tó wà." Nígbà tí mo kọ ọ́, ó yé mi kedere. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, èmi gan-an kò mọ ta ló sọ fún ta. Ẹ̀rọ yan ẹni tó wù ú, ó yan án lódì. Nínú ìwé ẹ̀dá-ìtàn, ẹ pe orúkọ ní gbogbo ìgbà, kódà bó bá ń dún bí ẹni ń ka orúkọ nílé ẹ̀kọ́.

---

Tìmọ́tì Kọ̀ǹpútà:

Mo ní ọ̀kan tó máa wúlò, ẹ má lé mi lọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ gbogbo ibi tí orúkọ kan ti jáde nínú àwọn orí tí ẹ ti kọ, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìwákiri fóònù tí orúkọ náà bá ní àmì. Pátákó ìtẹ̀wé kan lè kọ "ẹ́" pẹ̀lú ẹ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó wá fi àmì òkè lé e. Òmíràn á mú e lásán, á fi àmì ìlà kékeré sí ìsàlẹ̀ àti òmíràn sí òkè. Ojú wa rí ọ̀kan náà, ẹ̀rọ rí nǹkan méjì. Mo wá "Adùkẹ́" nínú ìtàn mi, ó ní ibi mẹ́rin. Mo mọ̀ pé ó ju ogún lọ. Ṣe ni mo fi fóònù kọ díẹ̀, tí mo sì fi kọ̀ǹpútà kọ ìyókù. Ìdajì orúkọ tí kò ní àmì, "du" tàbí "oji", ni kí ẹ wá, tàbí kí ẹ máa fi ẹ̀rọ kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́.

---

Bàbá Kọ́mà:

Mi ò mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n "du" kò ní bá "dù" mu ní gbogbo ibi, àbí?

---

Tìmọ́tì Kọ̀ǹpútà:

Níbi tí wọ́n bá ti ń ka àmì, kò ní bá a mu. Ẹ wá apá tí kò ní àmì rárá nínú orúkọ náà. Fún Adùkẹ́, "Ad" ló kù. Á mú Adé wá mọ́ ọn. Kò sí bí a ṣe máa ṣe é.

---

Ọmọ Gbági:

Mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè kan ṣẹ́kù. Lẹ́yìn orí kọ̀ọ̀kan, mo máa ń ní kí ẹ̀rọ ṣe àkópọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí n fi kún ìwé. Ìyẹn ló jẹ́ kó di ojú-ewé 11. Ṣé kí n jáwọ́?

---

Bàbá Kọ́mà:

Ẹ jáwọ́. Ẹ lọ wo àkópọ̀ orí àkọ́kọ́ tí Mojí àti Alàní ti jà, kí ẹ wo bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ nínú ìwé yín báyìí, kí ẹ padà wá sọ fún wa.

---

Ọmọ Gbági:

Mo ti wò ó. Orí 11: Mojí fi ìbínú kúrò níbi oúnjẹ nítorí Alàní gbàgbé ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ó padà wá jẹun lálẹ́. Èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Nínú àkópọ̀ orí 11: "Mojí bínú sí Alàní." Nínú àkópọ̀ orí 15, níbi tó ti kó gbogbo ti ẹ̀yìn jọ: "Àárín Mojí àti Alàní kò dán mọ́rán." Orí 20: "Mojí kórìíra Alàní láti ìgbà èwe."

Olúwa mi. Kò kórìíra rẹ̀ rí.

---

Bàbá Kọ́mà:

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Àkópọ̀ àkópọ̀. Ọjọ́ ìbí jábọ́, oúnjẹ alẹ́ jábọ́, ìbínú nìkan ló kù, ìbínú wá ń wú. Bí ẹ bá dé orí 31 pẹ̀lú Mojí tó kórìíra Alàní, àṣírí yẹn kò ní dun ẹnikẹ́ni, inú rẹ̀ á dùn pé kì í ṣe bàbá òun.

Nígbà tí ẹ bá tún orí kan kọ tán, kó tó jáde, ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ohun tó yí padà nínú rẹ̀. Ìlà mẹ́ta, bó pọ̀ tán márùn-ún. Kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ o, ohun tó yí padà: ẹni tó mọ ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tí ìpè rẹ̀ yí padà, ohun tó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìjà tí wọ́n ti parí lálẹ́ ọjọ́ náà kò yí nǹkan kan padà. Ẹ fò ó. Ẹ tọ́jú àwọn ìlà wọ̀nyí sínú ìwé ọwọ́ òsì, kí ẹ máa fà yọ láti ibẹ̀ ohun tí orí tó kàn bá nílò.

---

Agbálẹ̀ Ṣakí:

Àti òkú. Ẹ má gbàgbé òkú.

---

Ìlẹ̀kùn Kò Tì:

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ láti òkè. Ẹ̀yin tún orí kọ, ẹ̀yin kọ àkópọ̀, ẹ̀yin kọ ìpè, ẹ̀yin fi irúgbìn sí i, ẹ̀yin pa àṣírí mọ́. Kí wá ni ẹ̀rọ yẹn ń ṣe?

---

Ìyá Ìbejì:

Ó ń kọ òjò.

Mi ò ṣàwàdà. Mo mọ bí Àṣàkẹ́ ṣe máa fèsì. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàpèjúwe òjò nígbà kẹtàdínlógún. Ó máa ń fún mi ní mẹ́rin, mo máa ń mú ìdajì ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yín kò burú, mo máa ń bi ara mi náà lóru.

---

Ọmọ Gbági (ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e):

Mo padà dé. Mo gé ìwé náà, ó ku ojú-ewé kan ààbọ̀. Jìmọ́ọ̀ ti kúrò, àpá ti kúrò. Orí 24 jáde ní àná. Ìyàwó Alàní kò tú nǹkan kan, Ràmátù ń sọ "ẹ" bó ṣe yẹ, ohùn Mojí dà bí ohùn rẹ̀ àtijọ́.

Ìṣòro tuntun nìyí. Ẹ ní kí n kọ pé Ìyá Alájé á yí ọ̀rọ̀ padà bí wọ́n bá dárúkọ Alàní. Wọ́n dárúkọ Alàní nígbà mẹ́rin, ó yí ọ̀rọ̀ padà nígbà mẹ́rin. Lẹ́ẹ̀kan ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó, lẹ́ẹ̀kejì ó ní orí ń fọ́ òun, lẹ́ẹ̀kẹta ó ní kí wọ́n wo òjò. Mo yọ ọ̀kan kúrò, mo rò pé ó tó. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ènìyàn mẹ́ta ti kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́: "Ìyá yìí mọ nǹkan nípa bàbá Mojí."

---

Bàbá Kọ́mà:

Ẹ̀bi mi ni. Mo yẹ kí n ti sọ iye ìgbà. "Lẹ́ẹ̀kan péré nínú orí yìí." Tàbí kí ẹ ṣe bí mo ṣe máa ń ṣe níbi tó gbẹgẹ́: ẹ yọ ìlà yẹn kúrò pátápátá, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ Ìyá Alájé bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, kí ẹ wá fi ọwọ́ ara yín ki ìyípadà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bọ inú rẹ̀.

---

Tìmọ́tì Kọ̀ǹpútà:

Èmi ò rí i bí ìṣòro. Kí wọ́n máa fura. Orí méje ló kù, ìfura ló máa mú wọn padà wá ní ọjọ́ Jímọ̀.

---

Bàbá Kọ́mà:

Ìfura nínú orí 29, mo gbà. Ní orí 24, ó ti yá jù. Wọ́n á ti mọ ìdáhùn kí ẹ tó bi wọ́n.

---

Ọmọ Gbági:

Ẹ̀yin méjèèjì ń dà mí láàmú. Mo ti ń rò ó pé bóyá kí àṣírí náà tú ní orí 27, kí n wá ohun mìíràn fún 31. Ìwé ọwọ́ òsì mi ti kún fún "kò tíì yá".

---

Ìyá Ìbejì:

Ta tiẹ̀ ni Jìmọ́ọ̀ yìí? Onímọ́tò wo?

---

Ọmọ Gbági:

Ìyá Ìbejì, mo ti yọ ọ́ kúrò nínú ìwé.